Ìbéèrè lórí ilé oníyàrá méjì ní Tánkẹ́, kí n tó san owó kankan

Ẹ̀yin Alhaji,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ mú mi wo ilé náà lọ́jọ́ Sátidé. Ilé ọ̀hún wù mí. Kí n tó fowó ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fèsì sí ìwọ̀nyí ní kíkọ. Ti orí fóònù kò tó.

Owó ilé ọdún kan, ₦450,000. Ti ájẹ́ǹtì, ₦45,000, ti àgírímẹ́ǹtì, ₦45,000, kọ́ṣọ̀n, ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦590,000, ṣùgbọ́n ₦640,000 lẹ ní kí n mú wá. Kí ni ₦50,000 tó lé wà fún? Lọ́dún kejì, ṣé owó ilé nìkan ni n ó san? Ọwọ́ ta ni kọ́ṣọ̀n máa wà, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí mo bá kó jáde ni n ó gbà á padà, kí ni wọ́n sì lè yọ nínú rẹ̀? Ọ̀dà tó bá ṣá fúnra rẹ̀ kò sí lọ́rùn mi.

Ẹ ní bàbá tó kọ́lé ti kú. Èwo nínú àwọn ọmọ ni ẹbí yàn láti máa gbowó? Ṣé ìwé wà tí àwọn yòókù fọwọ́ sí? Mo fẹ́ rí i, àti ìwé tí wọ́n fi gbé ilé lé yín lọ́wọ́. Àkáǹtì tí n ó sanwó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn, kí ọmọ kan má baà dé lọ́la kó ní òun ò rí kọ́bọ̀.

Mítà kan péré ni mo rí fún ayálégbé mẹ́rin. Báwo la ṣe ń pín owó iná, nígbà tí ẹnì kan ní fíríísà, tí ẹlòmíì ò ní ju gílóòbù méjì lọ? Ẹ fi nọ́ńbà mítà ránṣẹ́ kí n lè wò ó bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, torí IBEDC máa ń yọ gbèsè àtijọ́ nínú owó tókìnnì. Báńdì wo ni àdúgbò wà?

Ṣé kànga yẹn máa ń gbẹ lóṣù Mááṣì? Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín rẹ̀ àti sọ́kàwéè? Lójú mi, wọ́n ti sún mọ́ra jù. Nígbà wo ni wọ́n kó sọ́kàwéè kẹ́yìn, ta ló sanwó?

Àpá omi wà lára síìlì yàrá ẹ̀yìn. Ta ni máa tún òrùlé ṣe, ọjọ́ wo? Mi ò ní sanwó kí wọ́n tó ṣe é.

Bí mo bá sanwó tí kọ́kọ́rọ́ ò tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méje, ṣé gbogbo owó, pẹ̀lú ti ájẹ́ǹtì, ni n ó gbà padà? Oṣù mélòó ni onílé máa fún mi bó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀?

Bí èsì bá pé, tí àtúnṣe sì ti parí, n ó sanwó lọ́jọ́ kejì, n ó sì gba rísíìtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún owó kọ̀ọ̀kan.