Ta Ló Tú Kòkó Àbẹ̀kẹ́?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yí kòkó náà. Kí wọ́n tó yí i tán, ìjà ti dé.

Òkìtì kòkó ọ̀hún wà lẹ́yìn ahéré, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Akanran. Bísí ló bò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti to igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí omi ara kòkó lè rí ọ̀nà sàn jáde, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé igi náà, ó fi ọ̀bẹ lu ewé náà níhò káàkiri, kó tó wá da kòkó tútù bíi 200 kílò lé e lórí. Ó fi ewé mìíràn dé e, ó fi òkúta tẹ ẹ́ létí yípo. Nínú 200 kílò yìí, bó bá gbẹ tán, nǹkan bíi 80 ni yóò kù, ìyẹn àpò kan àti díẹ̀ lé.

Kọ́lá, àbúrò rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn, wá lo ìsinmi àárín sáà lóko. Bísí na ṣọ́bìrì onígi sí i.

"Èyí tó wà létí, dà á sáàárín. Tàárín, gbé e bọ̀ wá sétí. Àárín ló ń gbóná jù. Bí o bá fi ti etí sílẹ̀ níbẹ̀, yóò hu funfun, inú rẹ̀ ò sì ní kúrò ní àwọ̀ àlùkò. Ọjọ́ tí ẹni tó ń ra kòkó bá là á wò, ojú á tì wá."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

Ó ṣí ewé. Ooru kọlù ú lójú, pẹ̀lú òórùn bíi ti ẹmu tó ti kan. Ó wa ṣọ́bìrì bíi mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀.

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹsẹ̀ ta ni Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ níparí *Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà*. Mo ní ẹsẹ̀ Láòyè ni."

Bísí nàró. "O parọ́ fún wọn."

Kò sí ìwé tí àwọn méjèèjì mọ̀ tó *Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà*. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà nílé, èyí tí ìyá wọn rà nígbà tó ṣì jẹ́ omidan. Èpo rẹ̀ ti já, okùn tí wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yọ jáde. Orí 17 ni, ojú ìwé 184. Ìtàn Àbẹ̀kẹ́ ni, ìyàwó Láòyè, àgbẹ̀ olóko kòkó tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n Agodi nítorí owó orí ní ọdún 1969, nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà yarí pé àwọn ò ní san ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ní orí 16, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, bí wọ́n ṣe já a lóòótọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Orí 17 ò ju ojú ìwé 4 lọ. Àbẹ̀kẹ́ se ọbẹ̀, ó gbé àtùpà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ọkọ àwọn ẹlòmíràn ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òru ti jìn, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kò dìde. Ìwé parí síbẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń bínú sí ìparí yìí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bi ara wọn rí bóyá ohun kan náà ló ń bí wọn nínú.

"Irọ́ kọ́, Àǹtí," ni Kọ́lá wí. "Ẹ wo orí 3. Láòyè sọ fún un pé, 'Bí mo bá dé lóru, n kò ní kanlẹ̀kùn. Orúkọ rẹ ni n ó pè, lẹ́ẹ̀mẹta.' Òǹkọ̀wé ò kọ ìyẹn dànù. Ní orí 9, nígbà tí gbájú-ẹ̀ kan wá, ẹ̀ẹ̀kan ló pe Àbẹ̀kẹ́, obìnrin náà ò ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣé ẹ rí i? Ó gbin ín, ó tún roko ìdí rẹ̀. Irú iṣu bẹ́ẹ̀, wíwà ló yẹ kí wọ́n wà á. Ìpè mẹ́ta yẹn ló yẹ kó parí ìwé. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fún wa. Òǹkọ̀wé jẹ wá ní gbèsè."

"Gbèsè tìrẹ nìyẹn. Orí 15 ńkọ́?"

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"O ń fi ìwé yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o ń bi mí léèrè orí 15!" Bísí gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́ àti obìnrin mẹ́ta fọ́ kòkó, wọ́n bò ó. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú kí wọ́n tó já Agodi ni. Ojú ìwé 161. Ó yí i lọ́jọ́ kejì, ó yí i lọ́jọ́ kẹrin. Títí débẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ kòkó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé e sínú ewé. Ọjọ́ kẹfà pé lóru ọjọ́ tí wọ́n ń ti Agodi bọ̀, Àbẹ̀kẹ́ sì jókòó ti àtùpà. Ta ló tú kòkó Àbẹ̀kẹ́?"

"Ìwé kòkó kọ́ ni, Àǹtí mi. Ìwé ìfẹ́ ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi san ọ̀kẹ́ mẹ́fà ọ̀hún?"

Kọ́lá ò rí fèsì.

"Bó bá di ọjọ́ kẹjọ nínú ewé," ni Bísí ń bá a lọ, ó ń wa ṣọ́bìrì bọ òkìtì náà, "yóò dúdú, òórùn ẹmu yìí á di òórùn ẹran tó rà. Kò sẹ́ni tí yóò rà á. Obìnrin tó dá oko ṣe látìgbà tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ lọ, ṣé ó máa jókòó kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ èmi, ìdí òkìtì ni n ó fi í sí ní ìdájí. Ẹsẹ̀ á dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú kòkó. Kò ní wẹ̀yìn."

"Kò ní wẹ̀yìn kẹ̀? Ọkàn yín le o."

"Ọkàn mi kọ́ ló le. Ọwọ́ rẹ̀ ló dí."

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun alẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Kọ́lá tan iná fóònù ka orí 14 sí 17 lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́ ni. Látojú ìwé 170, kòkó ò tún sí nínú ìwé mọ́. Ó dùn ún bí ẹni pé òun ló gbàgbé e.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ń yí òkìtì náà lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí kòkó, ṣùgbọ́n kò gbà lórí ìpè. Èéfín ooru ti pọ̀ ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ. Ọwọ́ ò ṣeé fi pẹ́ láàárín rẹ̀. Kóró tó funfun nígbà tí wọ́n fọ́ ọ ti ń pọ́n bí ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà nídìí òkìtì, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí Láòyè dé, kó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kí Àbẹ̀kẹ́ wẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n bá ṣèlérí, kí wọ́n san án."

"Orúkọ ìwé náà ńkọ́?" ni Bísí bi í. "Ìwọ lo sọ fún mi ohun tí wọ́n padà gbà lọ́wọ́ ìjọba."

"Pọ́n-ùn méjì. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ dá sí i."

"Ọ̀kẹ́ mélòó nìyẹn?"

Kọ́lá ṣírò rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀kẹ́ kan, ṣílè márùn-ún. Pọ́n-ùn méjì, ogójì ṣílè. "Mẹ́jọ."

"Mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn á san, mẹ́jọ ni wọ́n padà san. Ẹ̀mí sì lọ sí i. Gbogbo ẹni tó bá ka orúkọ ìwé yẹn ló ti mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ́ ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Ìwọ wá fẹ́ kí ti Àbẹ̀kẹ́ pé pérépéré."

"Ẹni kan ṣoṣo péré ni mo ní kó pé fún!"

Ìyá wọn ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ahéré. Láti àárọ̀ ló ti ń gbọ́ wọn.

"Àtùpà yẹn ni kò yé èmi," ló sọ.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún náà. Inú òkùnkùn la máa ń wà lóru. Ẹni tó bá gbé àtùpà síta, ilé rẹ̀ ló ń júwe fún ọlọ́pàá. Bàbá mi ì bá gbá a pa. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n lọ́nà yẹn, ó wá gbé iná sẹ́nu ọ̀nà!" Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí nù. "Ẹ sì bá mi rọra máa ṣí ìwé mi. Ẹ ti fẹ́ yọ okùn rẹ̀ tán."

Kọ́lá wo Bísí. Kò sí ẹni tó ti ronú kan iná nínú wọn. Bí kò bá sí iná, Láòyè ò ní lè rí ta ló wà nídìí òkìtì. Àbẹ̀kẹ́ náà, bó tiẹ̀ wẹ̀yìn, kò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Ohùn nìkan ló kù.

"Ṣé ẹ rí i pé ìpè wúlò," ni Kọ́lá wí jẹ́jẹ́.

Bísí ò dáhùn. Ó fi òkúta tẹ ewé padà létí.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó jí i. Wọ́n gbé agbọ̀n mẹ́rin lọ sídìí òkìtì. Wọn ò mú iná lọ́wọ́. Bísí ká ewé kúrò, ó mú kóró kan, ó là á, ó fi atáńpàkò tẹ̀ ẹ́; omi pupa rú jáde nínú rẹ̀. Ó gbé e sí imú àbúrò rẹ̀.

"Ó ti ṣe. Kó o. Bí oòrùn bá fi yọ, kó ti wà lórí ẹní. Tẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn, ìsàlẹ̀ ò ní gbẹ, yóò hu."

Wọ́n bu agbọ̀n kìíní. Nídìí kejì, Kọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni tó ń kàwé, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró:

"Kò sí iná. Àbẹ̀kẹ́ ń bu kòkó sínú agbọ̀n. Ẹsẹ̀ dé, ó dúró. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí òkìtì láti mọ̀ bó ṣe gbóná tó, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ àwọn méjèèjì kanra nínú kòkó. Ó ní, 'Àbẹ̀kẹ́.' Ó ní, 'Àbẹ̀kẹ́.' Ó ní…"

"Dúró."

"Àǹtí, ó ku ẹyọ kan!"

"Lẹ́ẹ̀mejì ti tó. Jẹ́ kó parí síbẹ̀."

"Orí 3 ní ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Mo mọ ohun tí orí 3 wí." Bísí gbé agbọ̀n tó kún lé e lórí, ó di etí rẹ̀ mú títí ọrùn rẹ̀ fi gbà á. "Bó bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó máa dáhùn. Bó bá dáhùn, ta ló máa bu ìyókù?"

Kọ́lá gba ọ̀nà ẹní lọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ti dé ìdí igi ìyeyè kó tó pariwo padà pé, "Òun náà ló máa bá a bù ú! Ọkọ rẹ̀ ni!"

"Ọwọ́ rẹ̀ á ti gbàgbé!" ni Bísí ké dáhùn, ó ti tẹ̀ ba ìdí òkìtì, ó ń bu agbọ̀n kẹta.