Àkókò Oògùn Màmá (ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ Màmá o. Àbúrò mi, ìwọ náà kà á dáadáa. Mo tún ìwé yìí kọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí a dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, torí wọ́n dín oògùn méjì kù: nọ́ńbà 2 kúrò ní mílígíráàmù 4 bọ́ sí 2, nọ́ńbà 4 kúrò ní mílígíráàmù 10 bọ́ sí 5 nítorí ẹsẹ̀ Màmá tó ń wú. Ẹ fa ìwé àtijọ́ ya. Mo ti kó àwọn páálí àtijọ́ kúrò nílé.

Mo fi máàkà kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe àwọ̀ hóró, torí bí kẹ́mísìtì bá ta ti ilé iṣẹ́ mìíràn fún wa, àwọ̀ á yí padà.

| Àkókò | Oògùn | Ìwọ̀n | Oúnjẹ |
|---|---|---|---|
| 6:30 àárọ̀ | Nọ́ńbà 1: Tímólọ̀, oògùn ojú (gúlákómà) | Ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan | Kò kan oúnjẹ |
| 8:00 àárọ̀ | Nọ́ńbà 2: Gilimẹpíráìdì (ìtọ̀ ṣúgà) | Hóró 1, mílígíráàmù 2 | Kí oúnjẹ ti wà níwájú wọn kí ẹ tó fún wọn |
| 8:00 àárọ̀ | Nọ́ńbà 3: Mẹtifọ́mìnì (ìtọ̀ ṣúgà) | Hóró 1, mílígíráàmù 500 | Bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́ |
| 8:30 àárọ̀ | Nọ́ńbà 4: Amilodipíìnì (ẹ̀jẹ̀ ríru) | Hóró 1, mílígíráàmù 5 | Yálà wọ́n ti jẹun tàbí wọn ò tíì jẹun |
| 8:30 àárọ̀ | Nọ́ńbà 5: Lisinopírìlì (ẹ̀jẹ̀ ríru) | Hóró 1, mílígíráàmù 10 | Bíi ti nọ́ńbà 4 |
| 2:00 ọ̀sán | Kò sí oògùn | | Oúnjẹ ọ̀sán ò gbọdọ̀ yẹ̀ |
| 6:30 ìrọ̀lẹ́ | Nọ́ńbà 1 | Ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan | Kò kan oúnjẹ |
| 7:30 alẹ́ | Nọ́ńbà 3 | Hóró 1, mílígíráàmù 500 | Bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́ |
| 9:00 alẹ́ | Nọ́ńbà 6: Atọfasitátìnì (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) | Hóró 1, mílígíráàmù 20 | Yálà wọ́n ti jẹun tàbí wọn ò tíì jẹun |

Nọ́ńbà 2 ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ní oṣù Kẹjọ, Màmá gbé e mì, wọ́n wọṣọ, wọ́n sì lọ sí ìsìn àárọ̀ láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Òógùn ti rin wọ́n gbingbin kí wọ́n tó délé, wọn ò sì rántí orúkọ mi. Nítorí náà, bí Màmá bá ní àwọn ń gbààwẹ̀, tàbí tí ẹ̀kọ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà 2 láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ pè mí. Wọ́n lè bínú o, ẹ fara dà á.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń làágùn tí ooru ò mú, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà sínú omi díẹ̀, kí wọ́n mu ún kíá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí ara wọn ò bá balẹ̀, ẹ tún fún wọn. Bó bá balẹ̀, kí wọ́n jẹun gidi. Ẹ má retí kí ọwọ́ wọn gbọ̀n kí ẹ tó ṣe é, torí oògùn ojú yẹn lè bo gbígbọ̀n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dákú, ẹ má ro ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Oògùn ojú. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó mú ìgò. Bí ẹ bá ti kán an tán, kí Màmá pa ojú dé, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú méjì, kó má baà ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù yìí ni mo ṣí ìgò náà. Ẹ jù ú nù ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ìbáà ṣẹ́ kù.

Bí ẹ bá gbàgbé. Bí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà 4, 5 tàbí 6. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ fò ó, ẹ má fi méjì dípò ọ̀kan. Bí kò bá dá yín lójú pé wọ́n ti lò ó, ẹ má tún fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi so bírò mọ́ kàlẹ́ńdà: ẹ fàmì sí i ní kété tí Màmá bá ti gbé e mì, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá kó o lé wọn lọ́wọ́.

Orúnkún ríro. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan, hóró méjì oní-mílígíráàmù 500, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà láàárín, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ má ra íbúpírófínì tàbí dáíkílófẹ́nákì fún wọn, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ń lo nọ́ńbà 5. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé àgbo wá, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ gba àgbo náà, ẹ má fún Màmá mu.

Bí ikọ́ gbígbẹ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ sọ fún mi. Bí ètè tàbí ahọ́n wọn bá wú, ẹ má dúró pè mí rárá, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí nọ́ńbà 5 dání.

Oògùn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ á tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ẹ pè mí ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá kí n lè fi owó òmíràn ránṣẹ́.