Ìbéèrè díẹ̀ lórí ìwé ìgbẹ́ gbuuru, kí n tó fọwọ́ kàn án

Arábìnrin Fọlákẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé pélébé tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti kà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì túmọ̀ ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, torí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá méfò níbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù wà ní ojú-ewé kejì. Wọ́n ní kí ìyá po àpò iyọ̀ àti ṣúgà kan sínú omi. Omi tó pọ̀ tó báwo? Wọn ò sọ. Àpò tó ń lọ sínú lítà kan wà, ti ìdajì lítà wà, ti 200 mílílítà náà wà. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ. Bó bá sì pọ̀ jù, kò ní ṣe é lóore tó yẹ. Irú àpò wo lẹ máa pín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti lítà kan, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ike omi 50 sẹ̀ntílítà méjì, nítorí ìyá mélòó ló ní ife oníwọ̀n nílé?

Ní ojú-ewé kẹta, wọ́n ní tí ọmọ bá bì, kí ìyá dúró díẹ̀, kó tún fún un. Èwo ni kó tún fún un: omi náà, àbí oògùn síǹkì tí gbólóhùn tó ṣáájú ń sọ? Díẹ̀ yẹn ńkọ́, ìṣẹ́jú mélòó ni?

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kí “ọmọ kékeré” lo ìdajì síǹkì. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2004 ni pé mílígíráàmù 10 lójúmọ́ ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 ni ti èyí tó ti pé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti ẹnu ara mi bọ ìwé yín. Ẹ bá mi bi dókítà yín.

Àbẹ̀wò nọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní bai-wíkílì, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni àbí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì? Àwọn olóyìnbó fúnra wọn ń jiyàn lé e lórí.

Èyí tó kù ò le. “Ìgbẹ́ ọ̀rìn” tí mo fẹ́ lò fún ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, àwọn kan ń fi í pe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà “ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀” ni màá kọ, tí ẹ ò bá kọ̀ ọ́. “Ẹ” ni màá sì fi bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, kì í ṣe “o”.

Tí èsì bá dé kí ọjọ́rú tó parí, iṣẹ́ á wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ajé bí a ṣe jọ ṣàdéhùn. Owó ò yí padà. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè mí láàárín agogo mẹ́wàá sí méjìlá, ká jọ tú u palẹ̀.

Ẹ kí àwọn ará ọ́fíìsì fún mi.

Adébáyọ̀, Ìbàdàn