Ìwé tí ẹ ní ká túmọ̀ kò tẹ̀ mí lọ́wọ́

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n wa akọ̀wé. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ sì kú wàhálà àkókò kajú yìí.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín lálẹ́ àná: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u sí Yorùbá tó dán mọ́rán, a fẹ́ lò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Èló lẹ máa gbà?" Mo yẹ̀ ẹ́ wò sókè sódò, kò sí fáìlì kankan lára rẹ̀. Ẹ ò sì sọ àwọn tí ẹ fẹ́ fún. Mo pè yín, fóònù yín ò lọ, ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè ka ohun tí mo ń béèrè fún ìgbìmọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé náà ránṣẹ́. Iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń gbowó, mi ò sì lè dá owó lé ohun tí mi ò rí. Ìkéde ìpàdé tó kún ojú ewé kan, mo lè parí rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ojú ewé kan náà, tó bá jẹ́ ti oògùn apakòkòrò, máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí mo gbọ́dọ̀ rí àwọn tó ń fọ́n ọn lóko kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ kókó rẹ̀ fún mi lórí fóònù pé kí n fi òye kọ ìyókù. Orúkọ ẹgbẹ́ yín ló máa wà lókè ìwé, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì jẹ́ tèmi. Bó bá jẹ́ pé bébà nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe gé etí rẹ̀. Ibi etí yẹn ni wọ́n máa ń kọ ìkìlọ̀ wínníwínní sí.

Ti fáìlì rọrùn. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó lé dáadáa ni ti àwọn tó máa kà á, nítorí kò sí gbólóhùn kan tí mo lè kọ láìmọ̀ wọ́n.

Ẹ wo ohun kékeré kan. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì á kàn máa pàṣẹ: ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Kò ní í hàn bóyá ọmọdé kan ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí àgbà ọgọ́rùn-ún. Èmi ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ "má fi ọwọ́ kan ojú rẹ" sínú ìwé tó máa bọ́ sọ́wọ́ baba tó ti dá oko kajú láti ìgbà tí a ò tíì bí èmi àti ẹ̀yin, baba náà ò ní ka ìlà kejì. Á bi yín ta ni ọmọ tó kọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ lò ó fún, "ẹ má fi ọwọ́ kan ojú yín" á dún bí ẹni ń kí àwọn ìjòyè Aláàfin.

Ẹ sọ fún mi pẹ̀lú bóyá ojú ni wọ́n máa fi kà á tàbí etí ni wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ti rédíò, mo gbọ́dọ̀ gé gbólóhùn kúrú, kí n sì tún ibi tó ṣe pàtàkì sọ, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí ọ̀kadà ò lè padà sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ owó wọ̀ ọ́. Lẹ́tà 160 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà sínú ọ̀kan bó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán. Ẹ fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ó di 70. Ohun tí ẹ rò pé ẹ máa san owó ẹyọ kan fún á di méjì, ó tún lè di mẹ́ta. Ẹ má torí ìyẹn ní kí n yọ àmì kúrò o. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí n dín kù.

Nítorí àmì yìí, mo ní ìdí. Nínú ìwé oògùn oko kan tí mo ṣe fún àwọn míì, ìlànà rẹ̀ ni pé bí oògùn bá tán, ẹ fọ ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ sínú tánkì tí ẹ fi ń fọ́n oògùn. Bó bá jẹ́ ike, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi í rọ epo pupa. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi àmì sí ibi tí kò yẹ, "fọ ìgò náà" di "fọ́ ìgò náà". Ìgò oògùn ni wọ́n ń ní kí wọ́n fọ́ yángá sínú oko tí àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn! A rí i kó tó jáde. Mo fẹ́ máa rí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni ìwé yìí máa dúró sí? Yorùbá inú ìwé fi èdè Ọ̀yọ́ ṣe ẹ̀yìn láti ìgbà Àjàyí Crowther, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Òṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ò ní yọ mí lẹ́nu. Bó bá máa dé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, mo fẹ́ kí ará ibẹ̀ kan bá mi wo orúkọ kòkòrò àti ti koríko, torí wọ́n lè ní tiwọn. Ọjọ́ orí náà ṣe kókó. Ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni mo ń tẹ̀ lé, àmọ́ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ inú Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ìwé ṣì ń kọ "aiye" àti "enia". Wọ́n máa ka tiwa, kìkì pé a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí a sì má dì í pọ̀.

Bó bá ní ìwọ̀n oògùn nínú, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ bóyá tánkì lítà 16 ni tàbí ti 20. Mi ò ní kọ "ọmọrí ìgò kan" fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọrí ò dọ́gba.

Ti ọjọ́ Ẹtì: bí ìwé náà bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ṣáájú aago méjìlá ọ̀sán òní, tí kò sì ju ojú ewé méjì lọ, ẹ máa rí i gbà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ lè kà á sókè fún bíi àgbẹ̀ méjì kó tó dọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa sún ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó síwájú, tàbí kí ẹ mú ojú ewé tí wọ́n nílò jù wá, ká kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ìdajì owó ni mo ń gbà sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iye rẹ̀ á jáde láàárín wákàtí kan tí mo bá ti rí fáìlì.

Fóònù mi wà ní títàn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín, atúmọ̀ èdè ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.