Àṣìṣe fọ́múlà nínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, àti iye tó tọ̀nà

Sí Máníjà Ẹ̀ka Ìṣúná

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Àṣìṣe wà nínú ètò ìṣúná tí a fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ olùdarí lọ́jọ́ Ajé. Àpapọ̀ ìnáwó tó wà níbẹ̀ fi 8,505 dín sí iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹgbẹ̀rún ni mo fi ka gbogbo iye inú lẹ́tà yìí, bó ṣe wà nínú fáìlì.

Sẹ́ẹ̀lì F20 lójú ìwé ìnáwó ni àṣìṣe ti wáyé:

```
=SUM(F6:F17)
```

Ìlà 18 (àṣẹ ìlò sọ́fítíwià, 4,860) àti ìlà 19 (ìtọ́jú ẹ̀rọ, 3,240) ni wọ́n wọlé gbẹ̀yìn, nígbà tí fọ́múlà ti wà nílẹ̀. Méjèèjì hàn lójú ìwé, ẹni tó bá ń kà á yóò gbà pé a ti rò wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù, bẹ́ẹ̀ fọ́múlà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí àpapọ̀ yìí náà ni a ti yọ owó pàjáwìrì (5%), òun náà sì wá kéré.

| | Èyí tí a fi ránṣẹ́ | Èyí tó tọ̀nà |
|---|---|---|
| Ìnáwó iṣẹ́ | 142,600 | 150,700 |
| Owó pàjáwìrì | 7,130 | 7,535 |
| Àpapọ̀ ìnáwó | 149,730 | 158,235 |
| Owó tó ń wọlé | 165,000 | 165,000 |
| Owó tó máa ṣẹ́ kù | 15,270 | 6,765 |

Ìlà tó kẹ́yìn ló ń kọ mí lóminú jù. A ti dábàá pé kí a mú 9,000 nínú owó tó máa ṣẹ́ kù ra ẹ̀rọ tuntun. Pẹ̀lú iye tó tọ̀nà, owó náà kò tó mọ́. 2,235 ló kù kó pé. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i lórí iye àtijọ́, a ó ti tọwọ́ bọ ìwé ìrajà kí a tó mọ̀ pé kò sówó.

Mo ti fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé ìwé tí ẹ̀ka rẹ̀ fi ránṣẹ́, wọ́n bára mu. Àpapọ̀ nìkan ló ṣì. Fọ́múlà tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí, tí yóò máa ka ìlà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sókè rẹ̀ mọ́ ìyókù:

```
=SUM(F6:INDEX(F:F,ROW()-1))
```

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí fáìlì tuntun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó jókòó lọ́jọ́bọ̀, kí àbá ẹ̀rọ sì dúró ná. Èrò tèmi ni pé kí a má fi owó pàjáwìrì dí àlàfo náà: àdéhùn sọ́fítíwià àti ti ìtọ́jú ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, a ó san wọ́n dandan, a kò sì mọ ohun tí ọdún yóò tún gbé wá. Ó sàn kí a ra ìdá kan nínú ẹ̀rọ náà, kí ìyókù di ìdajì kejì ọdún.

Mo wà ní ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá fẹ́ kí a jọ yẹ fáìlì náà wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúpalẹ̀ ìṣúná, Ẹ̀ka Ìṣúná