Lẹ́tà sí Yèyé kí wọ́n tó dé

Àkóbọ̀, Ìbàdàn,
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án.

Yèyé mi,

Mo kúnlẹ̀ mo kí yín o. Ẹ kú ìmúra ọ̀nà. Bàbá Àyọ̀ká sọ fún mi pé Sátidé lẹ ó wọ mọ́tò láti Iléṣà, inú mi sì dùn gan-an, torí Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni ilé ìwé wa ń wọlé. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, mi ò mọ ẹni tí mo lè gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ 11 sílẹ̀ fún tí ọkàn mi á balẹ̀ níwájú pátákó.

Ẹnu ló yẹ kí n fi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Bí mo bá dúró níwájú yín, "bẹ́ẹ̀ ni mà" ni màá máa wí, èyí tó ṣe kókó á há mi lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Ẹ ó rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé oyin dé, tí mo ní kí wọ́n fi kan ètè tèmi dípò ti ọmọ, ẹ wò mí, ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kàn tún gèlè yín wé. Mo rí i, Yèyé. Kì í ṣe pé mo fojú tín-ín-rín àṣà. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò lè bá jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá a tọ́ ọ wò. Àdúrà tẹ́ ẹ gbà lé e lórí, orí rẹ̀ náà ló bọ́ sí.

Ọmú nìkan ni Àyọ̀ká ń mu, òun náà ló máa mu títí oṣù 6 á fi pé. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí àgbo, kò sí glúkóòsì, kò sí gíráípù wọ́tà. Mo mọ̀ pé ẹ ó wo àwùjẹ̀ rẹ̀ tó ń mí fìì-fìì lọ́sàn-án, ẹ ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ. Ooru mú lóòótọ́, àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀: bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ó lé ní 80 tó jẹ́ omi. Ikùn rẹ̀ kéré. Omi tí a bá fún un, àyè ọmú ló máa gbà, bí omi náà ò bá sì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló kù. Ìtọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó yó. Tó bá ti tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, tí ìtọ̀ náà ò pọ́n, mi ò dààmú mọ́.

Ẹ lè ní àgbo lẹ fi tọ́ bàbá rẹ̀, ẹ sì wo bó ṣe ga tó. Mi ò lè bá yín jiyàn ìyẹn. Ẹ ṣáà gbà fún mi lórí ọ̀kan yìí.

Mo máa ń fún ọmú sínú àwọn ike kékeré onídèérí lóru, mo sì lẹ bébà mọ́ wọn tí mo kọ ọjọ́ sí. Èyí tó pẹ́ jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yìn fíríìjì lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n lè lo ọjọ́ 4 níbẹ̀ bí iná bá wà, àmọ́ ta ni kò mọ iná wa? Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ má ṣí fíríìjì wò kiri. Tó bá ti tó wákàtí 2 tí wọn ò tíì mú un dé, ẹ kó àwọn ike náà sínú kúlà búlúù, ẹ kó yìnyín inú fírísà lé wọn.

Aago 7 ku ìṣẹ́jú 15 ni mò ń kúrò nílé, lẹ́yìn tó bá ti mu lára mi. Á tún mu ní nǹkan bí aago 9, aago 12 àti aago 2 ààbọ̀. Mò ń dé ní aago 3 ààbọ̀. Ike kan fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n òun ni kẹ́ ẹ wò ju aago lọ: bó bá ti ń yí ẹnu sọ́tùn-ún sósì, tó ń fa ọwọ́ mu, ebi ti dé. Tó bá ti di ẹkún, ó ti pẹ́, kì í sì í rọrùn láti mu mọ́.

Ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má gbé e kaná. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò. Ife kékeré aláwọ̀ ewé la fi ń fún un. Ẹ gbé e jókòó sórí itan, ẹ fi etí ife kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i tó máa yọ ahọ́n bí ọmọ ológbò, á máa lá a. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu, ẹ má sì rọ ọ́, mo bẹ̀ yín. Bó bá ti gbé orí kúrò, ó yó nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ife, tí wákàtí 2 ti kọjá lórí rẹ̀, ẹ dà á nù. Ó máa ń dùn mí, torí èmi ni mo jí ní aago 2 òru fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀. Bí òsúkè bá ń ṣe é, ẹ lè fi òwú tútù lé e níwájú orí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, ìyẹn ò pa á lára.

Ó kan oorun. Bàbá Àyọ̀ká ní ikùn lẹ fi ń tẹ́ àwọn délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti Àyọ̀ká dojú sókè, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, torí ọmọ tó dojú délẹ̀ lè dákẹ́ mọ́ oorun láìsí ẹni tó gbọ́. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò fi ọmú tó bì há ara rẹ̀ lọ́fun. Orí ibùsùn tirẹ̀ ni, tó le pẹrẹsẹ, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Mo ti kó ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun yẹn kúrò. Ẹ má ṣe gbé e sùn sórí àga pálọ̀, torí oorun lè gbé ẹ̀yin náà lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, ẹ pọ̀n ọ́n, òun gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Kí imú rẹ̀ ṣáà má bò mọ́ ẹ̀yìn yín. Bó bá ti sùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ibùsùn. Ó máa ń sùn lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, á tún sùn ní ọ̀sán, èyí tó gùn jù.

Tèmi ni òru. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pè wá ní aago 9 alẹ́, tẹ́ ẹ ń ki oríkì rẹ̀ lórí fóònù, ẹ rántí? Ọmọ tó ti ń tòògbé ló lajú kedere, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, aago 12 la tó rí oorun sùn. Ẹ ki oríkì rẹ̀ ní ọ̀sán bó ṣe wù yín. Lóru, ẹ bá wa dákẹ́.

Ti ìwẹ̀, ọwọ́ yín ni. Ẹ nà á, ẹ fi òrí pa á, mi ò níí dá sí i, ẹ má ṣáà jù ú sókè. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má fún un ní oògùn kankan, ẹ pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tẹmọ́mítà wà nínú dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́. Tó bá tó 38 tàbí tó lé, ilé ìwòsàn la ń gbé e lọ, a ò níí dúró. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 rẹ̀ máa bọ́ sí àsìkò tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ wa. Èmi ni màá gbé e lọ.

Ẹ bá mi ra òrí tó dáa ní ọjà, èyí tí wọ́n ń tà níbí ń rùn. Bí ìgò àgbo bá sì ṣèèṣì bá yín wọ mọ́tò, ẹ jẹ́ kó wá, Bàbá Àyọ̀ká ló máa mu ún.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìyá Àyọ̀ká.