Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá mi, Màmá mi. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ìnáwó ayọ̀ ni a ó máa ṣe. A dé Kúbwà láyọ̀ lánàá. Ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ ní Rìgásà gbé wa délé láìséwu.

Mi ò lè gbàgbé omi tútù tí ẹ dà sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí ẹ ṣe rí i lójú mi lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ni àwọn èèyàn ti fi ń dẹ́rù bà mí láti oṣù mélòó kan. Àmọ́ nígbà tí ẹ tú gèlè yín, tí ẹ ní kí n wá jókòó tì yín, tí ẹ sì fọwọ́ ara yín bu máàsà sí àwo mi, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. (Méje ni mo jẹ. Ẹ má sọ fún ìyá mi.)

Bàbá, ẹ ní ọmọ ni mo jẹ́ kí n tó jẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ẹ bá mi kí àwọn ọkọ mi kéékèèké: Adúmáradán, Ìbàdíàràn, àti Akọ̀wé tó ru àpótí mi dé ibùdókọ̀.

Ní ti iyán tí mi ò mọ̀ ọ́n gún, Màmá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Mo ń bọ̀ wá kọ́ ọ lọ́wọ́ yín nígbà Iléyá.

Mo kúnlẹ̀,
Ìyàwó yín